Kuẹ́ṣọ̀n táàgì: ṣé lóòótọ́ ni “aren't I” ò dáa?

Ìyá_Ọmọ_Ìjàpò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ọmọ mi tó fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì mú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wálé láti ibi tó ti ń gba lẹ́sìnnì, wọ́n fagi lé mẹ́ta níbẹ̀. Ó kọ “I am late, aren't I?”, olùkọ́ ní kò sí ohun tó ń jẹ́ “are I”. Ó kọ “She hardly comes to school, doesn't she?” àti “He's finished the work, isn't he?”, wọ́n fagi lé ìyẹn náà, wọn ò sì sọ ìdí. Kí ni òfin rẹ̀ gan-an? Mo fẹ́ lè ṣàlàyé fún un kí ìdánwò tó dé.

Alágbàká1

Màdáàmù, òfin rẹ̀ ò le. Bí gbólóhùn bá gbà, ìrù rẹ̀, ìyẹn ìbéèrè kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á kọ̀. Bí gbólóhùn bá ní “not” nínú, ìrù rẹ̀ ò ní ní in mọ́. “You are a teacher, aren't you?” “You are not a teacher, are you?” Ó parí. Ti “hardly” yẹn, èmi ò rí “not” kankan níbẹ̀, nítorí náà ọmọ yín ló gbà á, olùkọ́ ló ṣì í. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tọ̀nà lórí “aren't I”, torí “are” kì í bá “I” rìn. “Am I not” ni kó kọ. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ wàhálà, kó fi “isn't it” sí gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ là ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wa, a sì ń gbọ́ ara wa yé.

Tísà_Yába_Oǹdó

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀gá Alágbàká, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Òótọ́ ni pé ìrù gbọ́dọ̀ lòdì sí orí. Àmọ́ ìyẹn nìkan ò lè sọ fún ọmọ bóyá “isn't” ni yóò kọ, tàbí “hasn't”, tàbí “didn't”, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń pàdánù máàkì jù.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé ìrù ná. Kí wọ́n sọ gbólóhùn náà di ìbéèrè gidi. Ọ̀rọ̀ tó bá fò bọ́ síwájú nínú ìbéèrè yẹn, òun náà ló máa wà nínú ìrù. Ẹ jẹ́ ká mú “He's finished the work” tí ọmọ yín kọ. Bí a bá fẹ́ fi béèrè, kò sẹ́ni tó máa sọ pé “Is he finished the work?” “Has he finished the work?” la máa sọ. “Has” ló fò síwájú, nítorí náà “hasn't he?” ni ìrù rẹ̀.

Ohun tó tan ọmọ yín jẹ ni “'s” yẹn. Bí wọ́n bá ti gé “is” àti “has” kúrú, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e ló ń tú àṣírí rẹ̀. Nínú “He's finishing”, “ing” ti sọ fún wa pé “is” ni. “He's a carpenter” àti “He's tall”, “is” náà ni. Ṣùgbọ́n “He's finished the work”, “He's been to Ìdànrè”, “He's got a bicycle”, “has” ló wà nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n “'s” yẹn ni “'d”, òun ló tún burú jù, torí ó lè jẹ́ “had”, ó sì lè jẹ́ “would”. “They'd left before the rain started”: “left” ti fi hàn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán, “had” ni, ìrù rẹ̀ sì ni “hadn't they?” “She'd help us if we asked”: “help” wà ní ìhòòhò, kò gba nǹkan kan mọ́ra, “would” nìyẹn, “wouldn't she?” Ẹyọ kan tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni “You'd better sleep early”. “Sleep” wà ní ìhòòhò lóòótọ́, síbẹ̀ “had” ni, torí “better” ló mú un wá. “Hadn't you?” ni ìrù rẹ̀.

Mò ń bọ̀ wá sórí “hardly” àti “aren't I”. Mo fẹ́ gbé ìkòkò kúrò lórí iná ná.

Ọmọ_Fútà

Ẹ ṣeun, Mà. Mo fẹ́ fi kún ibi tí kò ti sí aṣèrànwọ́ kankan tí ojú lè rí. “They harvested the cocoa.” Kò sí “is”, kò sí “has”, kò sí “will”. Bí a bá sọ ọ́ di ìbéèrè bí Mà ṣe wí, “Did they harvest the cocoa?” ni, “did” ló jáde láti ibi tó sá pamọ́ sí. Ìrù rẹ̀ ni “didn't they?”

Ibi tí èmi fúnra mi ti rí i pé wọ́n ń dẹkùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi “put”, “cut”, “hit”, tí àná àti òní wọn kò yàtọ̀. Ẹ wo méjì yìí:

“The women put the cocoa out to dry every morning.”
“The women put the cocoa out to dry yesterday.”

“Don't they?” ni ti àkọ́kọ́, “didn't they?” ni ti èkejì. “Every morning” àti “yesterday” ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí olùṣètò ìdánwò bá yọ àwọn ọ̀rọ̀ àkókò yẹn kúrò ńkọ́? Ó lè kọ “She put the yam on the fire” kó sì dákẹ́. Ẹni tó bá ń sáré á kọ “doesn't she?” Kí ó tún “put” yẹn wò dáadáa. Bó bá jẹ́ ti ojoojúmọ́ ni, “she puts” ni ì bá jẹ́. Bí “s” ò ti sí níbẹ̀, tó sì jẹ́ “she” ló ṣe é, ó ti kọjá nìyẹn. “Didn't she?” nìkan ló lè gbà.

Télọ̀_Arákàlẹ̀

Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mo ń ránṣọ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń ka èyí. Bí “aren't I” bá dára lóòótọ́, ṣé ìyẹn ni pé mo lè sọ fún oníbàárà pé “I aren't ready, come tomorrow”? Mo ti ń bẹ̀rù gbólóhùn yẹn tipẹ́.

Tísà_Yába_Oǹdó

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. “I'm not ready” ni ẹ máa sọ. “Aren't” ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé “I” nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ṣe ìdánwò. Inú ìbéèrè tí “I” ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbà á láàyè, ìyẹn nínú ìrù báyìí, tàbí nínú ìbéèrè bíi “Why aren't I on the list?”

Ìyá wa, ẹ gbọ́ èyí. Lórí “I am late, aren't I?” ọmọ yín tọ̀nà, kò yẹ kí wọ́n fagi lé e. “Am I not?” náà tọ̀nà, àmọ́ ó le létí, bíi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. “Aren't I?” ni àwọn tó ni èdè ń sọ lẹ́nu ojoojúmọ́, ìwé gírámà sì ti gbà á tipẹ́. “Amn't I?” tí ẹlòmíràn lè rò pé òun ló bá òfin mu, àwọn ará Skọ́tílàndì àti Áílàndì ń sọ ọ́ títí dòní, ṣùgbọ́n kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ́ níléèwé wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ náà dì mú ṣinṣin ni pé ààyè kékeré ni “aren't I” ní. “I am” tó gbà nìkan ló ń mú un wá. Bí “I am” bá ti kọ̀, gbogbo nǹkan padà sípò: “I'm not late, am I?” Mo ti rí ọmọ tó kọ “are I?” síbẹ̀, torí ó rò pé bí “aren't” bá lè wọlé, “are” náà lè wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àkókò bá sì ti yí, “aren't” náà ti lọ nìyẹn: “I was late, wasn't I?” “I've been late before, haven't I?” “I'll be late, won't I?” Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí “I am” bá ṣì wà níbẹ̀, bí nǹkan mìíràn tilẹ̀ tẹ̀ lé e, “aren't I” ló ni ín: “I'm disturbing you, aren't I?” “I'm going to be late, aren't I?” Gbólóhùn kejì yẹn ń sọ nípa ọjọ́ iwájú, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì sáré kọ “won't I?” sí i. Kí wọ́n má wo ìtumọ̀. Kí wọ́n wo “am” tó wà níbẹ̀.

Alágbàká1

Mo gbọ́ yín, Mà, mo sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. Kí ló dé tí “are” fi wá bá “I” nínú ìrù nìkan? Òfin tí kò ní ìdí, ọmọ ò ní gbà á gbọ́.

Ọmọ_Fútà

Ẹ̀gbọ́n, ìdí wà, ohùn ló fà á. “Amn't” ṣòro láti pè, torí “m” àti “n” wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bá gbé “m” jù sílẹ̀, wọ́n ń sọ “an't I?” Láti inú “an't” yẹn náà ni “ain't” ti jáde, tí àwọn olùkọ́ ń bínú sí títí dòní. Nígbà tó yá, àwọn ará gúúsù Ìlú Ọba fa ohùn “an't” gùn, ó di “áànt”. Wọ́n sì ti dẹ́kun pípe “r” tó wà nínú “aren't”, ìyẹn náà ń dún bíi “áànt”. Ohùn méjèèjì wá di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ lójú ìwé ni “aren't”, ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe “are” ló wá bá “I” ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. “Am not” ló wà níbẹ̀, aṣọ “aren't” ni wọ́n fi wọ̀ ọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣì ń pe “r” náà ti gba “aren't I” báyìí.

Ìyá_Ọmọ_Ìjàpò

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka èyí fún un, inú rẹ̀ dùn dé etí. “Hardly” ló kù o, Mà.

Tísà_Yába_Oǹdó

Lórí “hardly”, olùkọ́ ló tọ̀nà. Ọ̀gá Alágbàká ní òun ò rí “not”. Ojú ò lè rí i lóòótọ́, inú ọ̀rọ̀ ló wà. “She hardly comes to school” túmọ̀ sí pé ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má wá rárá. Gbólóhùn náà ti kọ̀, nítorí náà ìrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà: “does she?” Bẹ́ẹ̀ ni “never”, “seldom”, “rarely”, “scarcely” àti “barely” ṣe rí. “He never pays on time, does he?” “We barely slept, did we?” Ẹ ṣàkíyèsí pé àkókò ò yí padà. “Slept” ti kọjá, “did” náà ti kọjá. “N't” nìkan ló bọ́ kúrò níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ń bẹ tí ìkọ̀ náà wà nínú ẹni tó ṣe nǹkan: “Nobody came, did they?” “Nothing happened, did it?” Ẹ wò ó pé “nobody” gba “they”, “nothing” sì gba “it”. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọ “did nobody?”

Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú wọn, tí mo máa ń fi dán àwọn ọmọ tó mọ̀wé wò, ni “few” àti “a few”. Ká ní ìpàdé òbí wà níléèwé, tí ẹnì kan sọ pé “Few parents came”. Ẹdùn ọkàn ló ń sọ. Ó retí èrò, wọn ò wá. Gbólóhùn yẹn ti kọ̀, “did they?” ni ìrù rẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá sọ pé “A few parents came” ń sọ pé àwọn kan gbìyànjú, wọ́n wá. Ìyẹn gbà, “didn't they?” sì ni ìrù rẹ̀. Ẹyọ “a” kékeré kan ló yí ìrù náà padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni “There was little water in the well, was there?” àti “There was a little water in the well, wasn't there?”

Ọ̀nà tí ọmọ lè fi dá a mọ̀ nìyí. Kí ó fi “either” sí ẹ̀yìn gbólóhùn náà, kó gbọ́ bó ṣe ń dún. “Few parents came, and few teachers came either” ń lọ geerege. “A few parents came, and a few teachers came either” há lọ́fun, “too” ló ń wá. Èyí tó bá gba “either” ti kọ̀.

Dírẹ́bà_Ọ̀rẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ti “never” tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ dírẹ́bà ní ilé-iṣẹ́ kan. Ọ̀gá tó jókòó síwájú mi wo ìwé mi, ó ní “You've never had an accident, have you?” Mo dáhùn pé “Yes, sir”, torí bó ṣe wí ló rí, mi ò ní jàǹbá rí láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ ní ọ̀nà Ọ̀rẹ sí Bẹ́nì. Ojú ẹ̀ yí padà, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní “How many?” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé nǹkan ti wọ́. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò pè mí mọ́. Kí ni mi ò bá ti sọ?

Tísà_Yába_Oǹdó

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. “No, sir, I haven't” ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú Yorùbá, bí wọ́n bá ní “O ò ní jàǹbá rí, àbí?”, “Bẹ́ẹ̀ ni” la máa dáhùn, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè là ń dá lóhùn, à ń sọ fún un pé bó ṣe wí ló rí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ń bá lọ, kò kan bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀. Bí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, “Yes, I have.” Bí kò bá ṣẹlẹ̀, “No, I haven't.” Ìbáà jẹ́ “You've had an accident, haven't you?” ni wọ́n fi béèrè, ìdáhùn yín ò ní yí padà.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n má fi “Yes” sílẹ̀ lóun nìkan. Kí wọ́n sọ ọ́ dé òpin. Bí ẹnu bá ti fẹ́ sọ “Yes, I haven't”, etí á gbọ́ pé kò bára mu, á sì tún un ṣe kó tó jáde.

Dírẹ́bà_Ọ̀rẹ

Ẹ ṣé, Mà. Ó ti yé mi wàyí. Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní àwọn aláìsàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sáwọn dókítà náà: “You haven't taken the drug, have you?” “Yes.” Dókítà á rò pé wọ́n ti lò ó.

Alágbàká1

Èyí ti wọ̀ mí lára gan-an, torí bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe ní ọ́fíìsì. Ẹ ṣeun. Àmọ́ mo ní ọ̀kan tí mo fẹ́ jà lé lórí. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nígbà tiwa kọ ọ́ pé “She has a car, hasn't she?” Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kọ “doesn't she?” Èwo ló tọ̀nà?

Ọmọ_Fútà

“Doesn't she?” ni, ẹ̀gbọ́n. “Has” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe aṣèrànwọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe, ó ń sọ pé obìnrin náà ní ọkọ̀.

Tísà_Yába_Oǹdó

Ọmọ mi, má yára tó bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba àtijọ́ gba “hasn't she?” níbi tí “has” bá ti túmọ̀ sí pé ẹnì kan ní nǹkan. Kò tíì kú tán. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ̀gá Alágbàká ò purọ́. Ṣùgbọ́n “doesn't she?” ló pọ̀ jù báyìí, èmi náà òun ni mò ń kọ́ni.

Ibi tí kò ti sí àríyànjiyàn ni ibi tí “have” ò bá ti túmọ̀ sí níní. “She has her bath at five, doesn't she?” Ìwẹ̀ ló ń wẹ̀, kì í ṣe pé ó ní nǹkan kan. “You had to wait, didn't you?” Ẹ má ṣe kọ “hadn't you?” síbẹ̀.

Ọmọ_Fútà

Mà, ká wá ní ọmọ bá “hasn't she?” àti “doesn't she?” pàdé nínú ìbéèrè kan ṣoṣo ní Jámùbù ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà máa gbà.

Tísà_Yába_Oǹdó

“Doesn't she?” ni èmi á ní kó tẹ̀. Olùṣètò ìbéèrè tó mọṣẹ́ ò yẹ kó kó méjèèjì pọ̀.

Alágbàká1

Èmi á tẹ “hasn't she?” o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Télọ̀_Arákàlẹ̀

“Isn't it” tí ọ̀gá Alágbàká ní ká máa fi sí gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Òun ni èmi mọ̀ jù.

Tísà_Yába_Oǹdó

Nínú ìdánwò, ibì kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn ibi tí ìbéèrè bá ti máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “is”, tí ohun tí à ń sọ sì jẹ́ “it”, “this”, “that” tàbí nǹkan kan. “This is your cloth, isn't it?” Ó dára bẹ́ẹ̀. “You will come on Friday, isn't it?” ò dára, “won't you?” ni. Ní ṣọ́ọ̀bù yín pẹ̀lú oníbàárà, kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Ọ̀rọ̀ ohùn náà wà o, ìyá wa, torí Wáẹ̀kì ń dán ọ̀rọ̀ ẹnu wò. Bí ẹ bá ti mọ ìdáhùn, tí ẹ kàn ń wá ẹni tí yóò gbè yín lẹ́sẹ̀, ohùn á já wálẹ̀ lórí ìrù: “It's hot today, isn't it?” Bí ẹ ò bá mọ̀ lóòótọ́, tí ẹ ń béèrè, ohùn á gòkè: “You locked the gate, didn't you?” Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójú ìwé, ohùn ló ń sọ bóyá ọkàn yín balẹ̀.

Ìyá_Ọmọ_Ìjàpò

Mo fún un ní márùn-ún lónìí. Ohun tó kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

“I'm your favourite, aren't I?”
“Your brother's sold the motorcycle, hasn't he?”
“Few people know the road to the waterfall, do they?”
“Let's go to Ọjà-Ọba, don't we?”
“I don't think the bus will come, do I?”

Tísà_Yába_Oǹdó

Mẹ́ta àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Ẹ bá mi kí i. Ó rí “'s” tó wà lẹ́yìn “brother”, ó rí “sold”, ó mọ̀ pé “has” ni. “Your brother” sì di “he”, bó ṣe yẹ.

Ẹ̀kẹrin, “Let's” ní ìrù tirẹ̀ tí kì í yí padà, “shall we?” Kí ó kàn mọ̀ ọ́n sórí.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ kó jókòó tì. Ó tẹ̀ lé òfin, ó rí “I don't”, ó sì kọ “do I?” Àmọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò béèrè bóyá òun ń ronú. Bọ́ọ̀sì ló ń béèrè. “I don't think” kàn wà níwájú láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọ̀ ni, ìkọ̀ tó sì wà lórí “think” yẹn, ti bọ́ọ̀sì ni: ó rò pé kò ní wá. Nítorí náà ìrù máa tẹ̀ lé “the bus will”, á sì gbà: “I don't think the bus will come, will it?” Bó bá jẹ́ “I think the bus will come”, “won't it?” ni.

Alágbàká1

Bó bá wá jẹ́ “My father thinks the bus will come” ńkọ́, Mà? Ṣé “won't it?” náà ni?

Tísà_Yába_Oǹdó

Rárá. “Doesn't he?” nìyẹn. Bó bá jẹ́ “I” ló ń ronú, èrò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa bi ara rẹ̀ bóyá òun ń rò ó. Ṣùgbọ́n èrò bàbá yín, ẹlòmíràn lè béèrè nípa rẹ̀ gidi, torí náà ìrù á dúró sọ́dọ̀ bàbá.

Ọmọ_Fútà

“Suppose”, “believe” àti “expect” náà ń ṣe bíi “think” bí “I” bá wà níwájú wọn. “I suppose you've eaten, haven't you?” Ti “I know” ni mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa. Mo ti gbọ́ “I know you're tired, aren't you?” lẹ́nu olùkọ́ wa kan, etí mi ò sì gbà á. Mà, kí lẹ rí sí i?

Tísà_Yába_Oǹdó

Etí tèmi náà ò gbà á. Ẹni tó bá ti mọ̀, kí ló tún ń béèrè? Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn náà. N ò ní fagi lé e fún ọmọ, n ò sì ní fi kọ́ ọ.